Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òṣùwọ̀n ò kúrò lójú kan: ṣé kí n dín kálórì kù?

Ọmọ_Bódìjà
Ẹ kú ilé o. Kílò 93 ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kálórì 2,000 ni mò ń jẹ lóòjọ́, bí ìdajì kílò sì ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó dúró gbagidi. Ní Àbámẹ́ta kan òṣùwọ̀n sọ 85.9, inú mi dùn. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó sọ 87.0. Kílò kan ó lé láàárín ọjọ́ méjì! Mo fẹ́ já a sí 1,500 láti ọ̀la. Ṣé ó tọ́?

Alágbára_Jíìmù
Já a sí 1,500, má wojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá jò mọ́, oúnjẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kò sí àlàyé mìíràn. Kí o sì fi iyọ̀ sílẹ̀. Wàá rí i pé sikéèlì máa sọ̀ kalẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ẹ sinmi ná. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bí kálórì 7,700. Kí kílò 1.1 yẹn tó lè jẹ́ ọ̀rá, ẹ ní láti jẹ bí 8,500 lé lórí gbogbo ohun tí ara yín ná lọ́jọ́ méjèèjì. Kò sí ìnáwó tí wọ́n ti lè gbé ìyẹn síwájú yín kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyókù sì jẹ́ oúnjẹ tí kò tíì jáde nínú ìfun. Iyọ̀ ọbẹ̀ máa ń dá omi dúró nínú ara. Bákan náà, nígbà tí ara bá kó lára ìrẹsì àti iṣu pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kan rẹ̀ ń gba bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra.

Bí 87.0 kò ṣe jẹ́ ìwọ̀n yín gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni 85.9 tó mú inú yín dùn kò jẹ́ ẹ. Ẹ kọ gbogbo ohun tí òṣùwọ̀n sọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún wa, láti Ọjọ́ Ajé dé Àìkú. Mẹ́ta ni mo ní, kì í ṣe méjì, torí pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ní ó dúró ní láti ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú wọn tí a ó fi wọ́n wé. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń wọ̀n ara yín pẹ̀lú, àti ohun tí ẹ ń jẹ ní Àbámẹ́ta àti Àìkú.

Ọmọ_Bódìjà
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àárọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí mo bá ti tọ̀, kí n tó mu omi, láìwọ aṣọ. Orí táìlì ni òṣùwọ̀n wà.

Ọ̀sẹ̀ 1: 86.9, 86.4, 86.2, 86.6, 86.1, 86.0, 86.5
Ọ̀sẹ̀ 2: 87.1, 86.5, 86.3, 86.2, 86.0, 85.9, 86.4
Ọ̀sẹ̀ 3: 87.0, 86.6, 86.3, 86.1, 85.9, 86.0, 86.4

Ní ti òpin ọ̀sẹ̀, mi ò kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ púpọ̀.

Ẹlẹ́wé_Ọmọ
Kí ni gbogbo ìṣirò yìí fún? Tíì tó ń ṣí ìfun wà lọ́jà. Mu ún lálẹ́ Àìkú, Ọjọ́ Ajé rẹ á sọ 85 gééré.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Á sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí pé omi àti ìgbẹ́ ló máa jáde. Ọ̀rá kankan kò bá a lọ. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá mu ún kò ṣe é fi wé ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò mu ún. Bí omi bá padà sára lọ́sẹ̀ kejì, ẹ máa rò pé ẹ ti sanra.

Ọmọ_Bódìjà, bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n dára, ẹ má yí i padà. Ẹ wá wo ìṣirò. Ẹ ro ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ fi 7 pín in. Ọ̀sẹ̀ 1 jẹ́ 604.7, tó fún wa ní 86.39. Ọ̀sẹ̀ 2 jẹ́ 604.4, ìyẹn 86.34. Ọ̀sẹ̀ 3 jẹ́ 604.3, ìyẹn 86.33. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú Google Sheets, tí ọjọ́ méje wà ní ọ̀nà B láti ìlà kejì dé ìkẹjọ, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
=AVERAGE(B2:B8)
```

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹta, bíi gíráàmù 60 péré ló lọ. Nítorí náà òótọ́ ni ẹ sọ, ó dúró. Àmọ́ ohun tí ẹ fi mọ̀ ọ́n kọ́ ló fi í hàn. Ká ní ẹ fi 85.9 ti Ẹtì ọ̀sẹ̀ 3 wé 86.5 ti Àìkú ọ̀sẹ̀ 1, ẹ máa ní ẹ ti jò ní ìdajì kílò ó lé, ẹ ò sì ní bi wá léèrè nǹkan kan.

Ẹ tún wo Ọjọ́ Ajé yín: 86.9, 87.1, 87.0. Ẹ wo Ẹtì: 86.1, 86.0, 85.9. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gun òkè lọ́jọ́ kan náà tó sì sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sán Àbámẹ́ta sí alẹ́ Àìkú, òun ni mo sì ń bèèrè. "Mi ò jẹ púpọ̀" kì í ṣe iye.

Alágbára_Jíìmù
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí omi. Ṣùgbọ́n kí ni wàhálà ìpíndọ́gba? Èyí tó bá kéré jù lọ́sẹ̀ ni kí èèyàn mú. 86.0, 85.9, 85.9. Ohun kan náà ló sọ, kò sì gba ìṣirò.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Lórí ti ẹni yìí, ó bá ara mu lóòótọ́. Ibi tó ti máa já yín kulẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tí inú bá ṣàn lóru ọjọ́ kan, tàbí tí ẹ bá làágùn púpọ̀ ní jíìmù lálẹ́ tí ẹ kò mu omi dípò rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan yẹn lè kéré ju ti gbogbo ọjọ́ yòókù lọ pẹ̀lú kílò kan, òun nìkan lẹ ó sì mú. Nínú ìpíndọ́gba, kílò kan yẹn á di gíráàmù 140 péré. Ìdí tí a fi ń pín in nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi náà ń ṣe ìpíndọ́gba yìí. 73.2, 73.1, lọ́sẹ̀ yìí ó di 73.9. Kálórì 1,600 ni mò ń jẹ, gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ. Ṣé kí n dín in kù?

Ojú_Òṣùwọ̀n
Mà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀sẹ̀ wo nínú oṣù yín lẹ wà? Ṣé nǹkan oṣù ti fẹ́ dé?

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Ó ku bí ọjọ́ mẹ́rin.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ẹ má tíì fọwọ́ kan oúnjẹ yín. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin ń dá omi dúró ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù, ó sì ń lọ lẹ́yìn tó bá ti dé. Ìpíndọ́gba ọjọ́ méje kò lè pa ìyẹn rẹ́, torí pé omi náà lè wà lára ju ọjọ́ méje lọ. Irú ọ̀sẹ̀ kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù yìí pẹ̀lú èyí tó ṣáájú ti oṣù tó kọjá. Èló ni ti oṣù tó kọjá?

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Ẹ jẹ́ n wò ó... 74.9.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Kílò kan ló ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdá mẹ́rin kílò lọ́sẹ̀. Kò dúró rárá. Fún yín, ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti fi mọ̀ bóyá ó dúró. Oṣù kan ni kí ẹ máa fún un. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé ni ó nira fún jù. Mo ti rí àwọn tó ń fi okùn ìwọnṣọ wọn ìbàdí wọn pẹ̀lú, ìyẹn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ omi pátápátá.

Ọmọ_Bódìjà
Mo ti padà dé. Mo jókòó, mo kọ Àbámẹ́ta tó kọjá sílẹ̀ bí mo ṣe rántí. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Àwo jọ̀lọ́ọ̀fù kan tó kún, ẹran díndín méjì, mọ́ínmọ́ín kan, ìgò bíà ńlá méjì. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin kí n tó jáde, mo sì jẹ ẹ̀bà díẹ̀ lálẹ́. Àìkú, ìrẹsì àti dòdò ní ilé àwọn òbí mi, mi ò wọ̀n ọ́n.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ó ti yé mi báyìí. Àwo jọ̀lọ́ọ̀fù tó kún lè tó 700, torí òróró inú rẹ̀. Ẹran díndín méjì, 300. Mọ́ínmọ́ín, bí 250. Ìgò bíà ńlá kan ń lọ sí 250, méjì jẹ́ 500. Ìyẹn ti di 1,750 láìtíì ka búrẹ́dì, ẹyin àti ẹ̀bà. Ká ní àwọn yẹn jẹ́ 1,500, Àbámẹ́ta ti di 3,250. Ó fi 1,250 ju 2,000 lọ. Ká fún Àìkú ní 700 lé lórí, ká má bàa ṣàṣejù. Àròpọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 2,000. Ẹ fi 7 pín in: bíi 280 ló ń wọlé lójúmọ́ tí ẹ kò mọ̀.

Àbá ni gbogbo iye yìí, kò sí ẹni tó lè wọn oúnjẹ òde àríyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bá òṣùwọ̀n mu. Ẹni tó ń jò ní ìdajì kílò lọ́sẹ̀, àlàfo bíi 550 ló wà lójúmọ́ láàárín ohun tó ń jẹ àti ohun tí ara rẹ̀ ń ná. Tiyín ti di òfo. 280 nínú rẹ̀ wà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ara tó ti fi kílò méje sílẹ̀ náà kì í ná tó bó ṣe ń ná tẹ́lẹ̀, ẹ lè ka bí 100 sí ìyẹn. Ó ku bí 170. Epo lẹ fi ń se ọbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, àbí? Báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ọmọ_Bódìjà
Mo ń kọ ṣíbí méjì. Ká sọ tòótọ́, láti inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ń dà á.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo pupa tó 120. Ẹni tó ń dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì máa ń kọjá ṣíbí kan sí méjì láìfura. Ibẹ̀ ni ìyókù wà, tàbí ó kéré tán, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wá a sí. Ẹ gbé ìkòkò ka orí òṣùwọ̀n ìdáná, ẹ mú un padà sí òdo, ẹ wá da epo sí i. Gíráàmù 14 ni ṣíbí kan.

Gàárì náà, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ kí omi tó kàn án. Ẹ̀bà tó le àti ẹ̀bà tó rọ̀ kì í ní kálórì kan náà nínú gíráàmù 100, torí omi. Gàárì gbígbẹ gíráàmù 100 jẹ́ bíi 360.

Alágbára_Jíìmù
Ọ̀nà kan náà ló ṣì gbà já. 1,500 á gbé 500 kúrò, 280 tàbí 170 kò ní já mọ́ nǹkan mọ́. Kí ló burú ńbẹ̀?

Ojú_Òṣùwọ̀n
Lórí ìwé, kò burú. Níbi oúnjẹ ni wàhálà wà. Ọjọ́ márùn-ún tó ń kọ sílẹ̀ ni ẹ máa gé sí 1,500, Àbámẹ́ta ò ní gbọ́ sí i. Ebi ọjọ́ márùn-ún yẹn ló máa gbé e dé òde ìgbéyàwó, àwo kan á sì di méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìpíndọ́gba lè tún dúró síbẹ̀, ẹ ó sì ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí 1,200. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹ bá gé 500, tí ẹ tún yọ iyọ̀, tí ẹ tún fi eré sísá kún un lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ní ti iyọ̀, omi ló ń gbé lọ, bí ẹ bá sì jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ti padà nìyẹn.

Ohun tí mo rò nìyí, Ọmọ_Bódìjà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i lórí 2,000 kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjèèje ni kí ẹ kọ. Ẹ wọn epo. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìnáwó wà ní Àbámẹ́ta, ẹ mú 150 kúrò nínú ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. 750 lẹ ti fi pamọ́ fún un yẹn, kí ìyókù jẹ́ bíà tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 àti 5 wé ọ̀sẹ̀ 3. Bí ó bá ń lọ ní 0.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fi iye yẹn sílẹ̀. Bí kò bá tó 0.2 pẹ̀lú gbogbo àkọsílẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ gé 150 sí 200. Gíráàmù 50 gàárì gbígbẹ jẹ́ 180, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú un, ẹ má fọwọ́ kan ẹja àti ẹran.

Ará_Pẹ́kámù
Ẹ kú ìjíròrò. Níbí ní London, stone tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn ara ni òṣùwọ̀n wa ń sọ, àwọn mìíràn kì í sì fi ìdajì pọ́n-ùn hàn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan máa ń wà tó ń yí i sí kg. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gíráàmù 200 kò ní hàn rárá.

Ìbéèrè mi ni pé mo ń lo áàpù tó ń fa ìlà gba àárín àwọn iye náà lójoojúmọ́. Ṣé ìyẹn kò sàn ju kéèyàn máa dúró de Àìkú?

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ó dára, pàápàá fún ẹni tí kò fẹ́ máa ṣírò. Àléébù tí mo rí sí i ni pé ìlà yẹn ń pẹ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá yí oúnjẹ padà lónìí, ó ṣì ń ka àwọn ọjọ́ àtijọ́ mọ́ ọn, a sì máa fa sùúrù èèyàn tán. Ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ní ìlà ààlà kedere, Ọjọ́ Ajé kan, Àbámẹ́ta kan, nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ará_Pẹ́kámù
Èmi ò gbà yẹn tán. Ìlà yẹn náà ló jẹ́ kí n má bẹ̀rù Ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ọmọ_Bódìjà
Bí mo bá rìnrìn àjò tí mi ò wọ̀n ara mi lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ṣé kí n ṣì fi 7 pín in?

Ojú_Òṣùwọ̀n
Iye ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀n ni kí ẹ fi pín in. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra nípa ọjọ́ tó sọnù. Bí ẹ bá yọ Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ 3 kúrò, ó di 517.3, ẹ fi 6 pín in, 86.22. Ẹ wò ó, ó ti fi gíráàmù 170 kéré sí ọ̀sẹ̀ 1, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò yí padà lára yín ju gíráàmù 60 yẹn lọ. Ọjọ́ tó wúwo jù lẹ fò. Bí Ọjọ́ Ajé bá sọnù nínú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́ nínú èyí tí ẹ fẹ́ fi wé e náà. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe ìpinnu kankan lórí rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, òun náà fẹ́ dín oúnjẹ kù. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ìpíndọ́gba rẹ̀ bákan náà ni. Gígé oúnjẹ kọ́ o, mà. Bí oúnjẹ bá dín tí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kò bá dín, ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè dá èèyàn kú. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn tún ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà ṣe.

Ọmọ_Bódìjà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)
Mo ti dé o. Ọjọ́ méjèèje ni mo kọ, lọ́sẹ̀ méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ 4 jẹ́ 85.9, ọ̀sẹ̀ 5 jẹ́ 85.6. Epo yẹn ni mo rí jù. Ohun tí mò ń pè ní ṣíbí méjì jẹ́ gíráàmù 45! Mo lọ sí òde kan, ìgò bíà kan ni mo mu. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e sọ 86.5, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rù rẹ̀.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Gíráàmù 45 sún mọ́ 400 kálórì, ẹ sì ń kọ 240. 160 lójúmọ́ nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù tí mò ń wá.

0.4 tó lọ lọ́sẹ̀ 4, ẹ má fi gbogbo ọkàn lé e. Nígbà tí oúnjẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dín kù, omi àti ohun tó wà nínú ìfun máa ń dín pẹ̀lú rẹ̀. 0.3 tọ̀sẹ̀ 5 ni mo gbà gbọ́ jù. Nítorí náà, ẹ dúró lórí 2,000, ẹ má gé nǹkan kan.

Alágbára_Jíìmù
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní 0.3 ti kéré jù. Àlàfo 330 péré ni lójúmọ́. Ká ní èmi ni, màá gé 150 sí i kó lè sún mọ́ ìdajì kílò tó wà tẹ́lẹ̀.

Ojú_Òṣùwọ̀n
Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò léwu fún ẹni tó wà lórí 2,000. Èmi kò ní ṣe é ní tèmi, torí 0.3 tí kò fa ebi dára ju 0.5 tí èèyàn á fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta. Ọwọ́ ẹni tó ni ikùn ló wà.

Ọmọ_Bódìjà
Màá fi í sílẹ̀ ná. Ìbéèrè kan ló kù: ọdún Iléyá ń bọ̀, ẹran máa wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé kí n ka ọ̀sẹ̀ yẹn, àbí kí n fò ó kí n fi ti ẹ̀yìn rẹ̀ wé ti iwájú rẹ̀?

Ará_Pẹ́kámù
Fò ó.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Má fò ó o. Wọ̀n ọ́n, kọ ọ́, ṣùgbọ́n má fi ṣe ìpinnu.